Fífọ ẹja àrọ̀ àti fífi èròjà sí i lára

Fífọ ẹja àrọ̀ ni iṣẹ́ tí a máa ń ṣe lára ẹja náà láti ìgbà tí a bá ti pa á títí di ìgbà tí yóò wọ inú epo gbígbóná tàbí tí yóò dé orí ẹyín iná. Iṣẹ́ náà ní ìpele mẹ́rin: yíyọ oje yíyọ̀ kúrò lára awọ, títú ikùn, pípa òórùn, àti fífi iyọ̀ pẹ̀lú èròjà mìíràn sí i lára. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìdí tí ó fi wà ní ipò rẹ̀. Bí a bá gbé èyí tó yẹ kó kẹ́yìn síwájú, òórùn tí a fẹ́ lé lọ lè dúró sínú ẹran ẹja, awọ lè ya, ẹja sì lè fọ́ sínú epo.

## Ẹja náà àti awọ rẹ̀

Àrọ̀ jẹ́ ẹja inú omi aláìníyọ̀. A máa ń rí i nínú odò, adágún omi àti ẹrẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Áfíríkà. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú adágún àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́ja ní Nàìjíríà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ń pè ní Kìláríásì gáríẹpínọ́ọ̀sì. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì le. Ó ní irùngbọ̀n gígùn mẹ́jọ yí ẹnu rẹ̀ ká, ó sì ní ẹ̀gún líle kọ̀ọ̀kan nínú lẹbẹ méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Yàtọ̀ sí ohun pupa tí àwọn ẹja yòókù fi ń mí nínú omi, àrọ̀ tún ní ohun mìíràn nínú orí rẹ̀ tí ó ní ẹ̀ka bí igi kékeré, èyí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ike ẹlẹ́ja tí omi rẹ̀ kò pọ̀.

Àrọ̀ kò ní ìpẹ́ bí ẹpìyà. Awọ rẹ̀ ń tú oje yíyọ̀ kan jáde, tí ó bo gbogbo ara rẹ̀. Oje yìí ń jẹ́ kí ẹja náà rìn wẹ́rẹ́ nínú omi, ó sì ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹja bá ti kú, oje náà di oúnjẹ fún àwọn kòkòrò àìfojúrí kan náà. Wọ́n á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, òórùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, oje tí a kò bá yọ kò ní jẹ́ kí iyọ̀ àti ata di awọ mú. Orí oje ni èròjà yóò jókòó sí, yóò sì ṣàn lọ nígbà tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

## Òórùn méjì tí orísun wọn yàtọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe gbogbo òórùn ẹja ní ohun kan náà, tí wọ́n á sì máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan lé e. Nínú àrọ̀, òórùn méjì ni ó wà, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sì yàtọ̀ sí ti èkejì.

Èkíní ni òórùn òde ara. Ó ń ti inú oje yíyọ̀, ẹ̀jẹ̀, ìfun àti ohun pupa tí ẹja fi ń mí wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó ń jẹ nǹkan wọ̀nyí ni ó ń mú un jáde, ó sì ń le sí i bí wákàtí ti ń lọ. Òórùn yìí ni fífọ dáradára ń mú kúrò, nítorí pé ohun tí ó ń mú un jáde ṣeé gé, ó ṣeé ha, ó sì ṣeé ṣàn lọ.

Èkejì ni òórùn ilẹ̀ tàbí òórùn ẹrẹ̀. Òórùn yìí dà bí èyí tí ó máa ń ti ilẹ̀ gbígbẹ jáde nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n sì jẹ́ ní tòótọ́. Ohun tí ó ń fà á ni èròjà kan tí a ń pè ní jíọ́símìn, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà fún un ní ọdún 1965. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí ó ń gbé inú ilẹ̀ àti nínú omi aláwọ̀ ewé ni ó ń ṣe é. Bí ó bá wà nínú omi adágún, ẹja yóò gbà á sára nígbà tí ó bá ń mí, yóò sì kó o pamọ́ sínú ọ̀rá rẹ̀. Imú ènìyàn tètè máa ń gbọ́ òórùn yìí, àní bí èròjà náà bá kéré gan-an.

Nítorí pé inú ọ̀rá ni òórùn ilẹ̀ wà, omi gbígbóná, iyọ̀ tàbí eérú tí a fi pa awọ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀ gan-an wà. Kí àgbẹ̀ tó ta ẹja, yóò kó o sínú omi mímọ́ tí ó ń ṣàn, yóò sì dá oúnjẹ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí èròjà náà lè jáde díẹ̀díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ẹja láàyè lè fi í sínú omi mímọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó sì máa pààrọ̀ omi náà. Èyí yóò dín òórùn náà kù, ṣùgbọ́n kì í sábà pa á tán. Bí ẹja bá ti kú, ohun tí ó kù fún alásè kò ju kí ó gé ọ̀rá ikùn kúrò, kí ó sì lo ohun kíkan díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ó ti ṣàlàyé nísàlẹ̀. Òórùn ilẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹja ti bàjẹ́. Adùn rẹ̀ nìkan ni ó ń bàjẹ́.

Ti ẹja inú òkun tún yàtọ̀. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní èròjà kan nínú ẹran ara rẹ̀ tí ó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbé inú omi iyọ̀. Nígbà tí ó bá kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ èròjà náà di tiráímẹ́tílámáìnì, èyí tí ó ń fa òórùn líle tí a mọ̀ mọ́ ẹja òkun. Ohun kíkan a máa dì mọ́ tiráímẹ́tílámáìnì, kò sì ní jẹ́ kí ó fò lọ sínú afẹ́fẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí ọsàn wẹ́wẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ kíákíá lára ẹja òkun ju bí ó ti ń ṣe lára àrọ̀ olóòórùn ẹrẹ̀ lọ.

## Ẹja tí fífọ kò lè tún ṣe

Òórùn jẹ́ ìkìlọ̀ pẹ̀lú. Ọsàn, atalẹ̀ àti aáyù lè bo òórùn ẹja tí ó ti ń jẹrà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò ní fura, ṣùgbọ́n wọn kò lè mú ohun tí ìjẹrà ti dá sílẹ̀ nínú ẹran kúrò. Nínú àwọn ẹja òkun kan tí a máa ń tà nínú yìnyín, ìjẹrà lè dá májèlé sílẹ̀ tí iná kò lè pa, èyí tí ó máa ń mú kí ojú pọ́n, kí orí fọ́, kí ara sì yún ẹni tí ó jẹ ẹ́. Nítorí náà, kí ọsàn tó kan ẹja rárá ni ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹja tí ó dára ní ojú tí ó mọ́, tí kò rì sínú. Bí a bá ṣí ìbòrí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ohun tí ó fi ń mí yóò pọ́n, kò ní di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú. Bí a bá fi ìka tẹ ẹran rẹ̀, yóò padà bọ̀ sípò. Ikùn rẹ̀ kò ní rọ̀ tàbí kí ó bẹ́. Bí ibi tí a tẹ̀ bá dúró ní kòtò, tí ẹran bá ń ṣí kúrò lára egungun láìtíì sè é, tàbí tí òórùn kíkan bí ìtọ̀ bá ń ti ikùn rẹ̀ jáde, ẹja náà kò yẹ ní fífọ mọ́, kò sì yẹ ní jíjẹ.

## Yíyọ oje yíyọ̀

Oje ni a kọ́kọ́ máa ń yọ, kí a tó la ikùn. Bí a bá la ikùn ṣáájú, omi gbígbóná yóò wọ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dì mọ́ egungun ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá dì báyìí ṣòro láti ha, òórùn rẹ̀ yóò sì dúró sínú ẹran.

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú ọ̀nà kìíní, a máa ń da omi gbígbóná sí ẹja lára. Ooru yóò mú kí oje náà dì, yóò yí padà láti inú ohun tí kò ní àwọ̀ di ohun funfun tí ó ki, ẹ̀yìn ọ̀bẹ yóò sì lè ha á lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi tí ó ń hó máa ń se awọ. Awọ yóò sún kì, yóò sì ya nígbà tí a bá ń ha á tàbí nígbà tí a bá ń yí ẹja padà lórí iná. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti dín ooru kù ni kí a po omi tí ó ń hó pẹ̀lú omi ẹ̀rọ ní ìwọ̀n kan náà. Bí omi híhó bá jẹ́ 100 °C, tí omi ẹ̀rọ sì jẹ́ nǹkan bí 28 °C, àpòpọ̀ wọn yóò súnmọ́ 64 °C. Ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 nínú rẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn náà a ó fi omi tútù ṣan ẹja lójú ẹsẹ̀ kí ooru má baà wọ inú ẹran.

Ọ̀nà kejì ni iyọ̀ gbígbẹ. A ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí ara ẹja, a ó sì fi ọwọ́ fà á láti orí lọ sí ìrù. Iyọ̀ ń fa omi inú oje náà jáde, hóró rẹ̀ sì ń ha awọ. Oje yóò ṣù jọ sí ọwọ́, a ó sì fi omi tútù ṣàn án. A lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, títí tí awọ yóò fi dún gíríkí lábẹ́ ìka. Ọ̀nà yìí ni ó dára jù fún ẹja tí a ó yan lódindi, nítorí kì í pa awọ lára.

Àwọn mìíràn ń lo eérú igi, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ eérú igi lásán, kì í ṣe eérú iná tí a fi ọ̀rá, rọ́bà tàbí pákó tí a kùn sun. Álọ́ọ̀mù pẹ̀lú ń mú oje dì, àmọ́ bí ó bá pọ̀ jù yóò fi ìtọ́wò tí ń fún ahọ́n sílẹ̀ lára awọ.

## Títú ikùn

Kí a tó fi ọ̀bẹ kan ikùn, ó dára kí a gé lẹbẹ méjèèjì ẹ̀gbẹ́ orí pẹ̀lú ẹ̀gún wọn, nítorí ọgbẹ́ tí ẹ̀gún yìí bá dá sí ọwọ́ máa ń dùn gan-an. Lẹ́yìn èyí, a ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la ikùn láti ihò ìdí lọ sí abẹ́ àgbọ̀n. Kí ọ̀bẹ má wọlé jìn. Awọ ikùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀bẹ tí ó bá jìn yóò la ìfun, ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò sì dà sára ẹran.

Òróòro ni ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ jù lọ. Ó jẹ́ àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Bí ó bá bẹ́, ibi tí omi rẹ̀ kàn yóò korò, síse kò sì ní mú ìkorò náà lọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, a ó fi omi tútù púpọ̀ ṣan ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a ó fi iyọ̀ àti ọsàn pa á, a ó sì gé ẹran tí ó bá ṣì ní àwọ̀ ewé kúrò.

Nígbà tí ìfun bá ti jáde tán, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Èkíní ni ẹ̀jẹ̀ dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ egungun ẹ̀yìn, lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. A ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la awọ náà, a ó sì fi etí ṣíbí tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré ha ẹ̀jẹ̀ náà títí egungun yóò fi funfun. Èkejì ni ohun pupa tí ẹja fi ń mí nínú orí, àti èyí tí ó ní ẹ̀ka bí igi. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀ máa ń há sí wọn. Ẹni tí ó bá fọ ara ẹja mọ́ ṣáká ṣùgbọ́n tí ó fi wọ́n sílẹ̀ yóò tún gbọ́ òórùn náà láti inú orí nígbà tí ẹja bá ti jinná. Lákòókò yìí kan náà ni a ó gé ọ̀rá rírọ̀ tí ó wà létí ikùn kúrò, nítorí ibẹ̀ ni òórùn ilẹ̀ máa ń pọ̀ sí.

Omi tí a fi ń ṣan inú ikùn gbọ́dọ̀ tútù. Nígbà tí omi náà bá ń jáde láìní àwọ̀ pupa, ó ti tó. Kò yẹ kí ẹja pẹ́ nínú omi lẹ́yìn èyí, nítorí ẹran rẹ̀ yóò fa omi mu, yóò sì rọ̀.

## Ohun kíkan àti òdiwọ̀n rẹ̀

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe iṣẹ́ méjì lára àrọ̀. Ó ń dín òórùn tí ó kù lójú ẹran kù, ó sì ń sọ díẹ̀ nínú jíọ́símìn di èròjà mìíràn tí kò ní òórùn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ibi tí omi náà bá dé nìkan ni ó ti lè ṣe èyí. Òórùn tí ó wà nínú ọ̀rá tí ó jìn yóò ṣì wà níbẹ̀.

Àkókò ni òdiwọ̀n rẹ̀. Ohun kíkan máa ń yí ẹran ẹja padà bí iná ti ń ṣe. Ẹran tí ó ń dán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, yóò sì le níta. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ojú ẹran yóò máa já bí ìyẹ̀fun, èyí yóò sì mú kí ẹja fọ́ nígbà tí a bá ń yí i padà nínú epo. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó. Lẹ́yìn náà a ó fi omi tútù ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ojú ẹran tí ó ti funfun bí ẹja sísè kò túmọ̀ sí pé ẹja náà ti jinná tàbí pé kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Iná nìkan ni ó ń ṣe ìyẹn.

## Gbígbẹ omi kúrò

Ẹja tí a ṣàn gbọ́dọ̀ gbẹ kí èròjà tó kàn án. Omi tí ó bá kù lára awọ yóò fọ iyọ̀ àti ata dànù. Bí ó bá dé inú epo, yóò di oruku lójijì, epo yóò sì ta sí ènìyàn lára. Lẹ́yìn èyí, awọ tí ó tutù yóò lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ páànù, nítorí pé ooru epo yóò kọ́kọ́ lo agbára rẹ̀ láti lé omi kí ó tó mú awọ gan. A lè gbé ẹja sínú asẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí a sì fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ nínú àti lóde.

## Èròjà fún dídín àti fún yíyan

Ẹja dídín àti ẹja yíyan kò gba èròjà bákan náà. Epo dídín gbóná tó nǹkan bí 180 °C. Bí àlùbọ́sà lílọ̀, aáyù tàbí atalẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ awọ, wọn yóò jóná kí ẹran tó jinná, wọn yóò korò, wọn yóò sì mú kí epo dúdú. Èròjà gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ni ó bá ẹja dídín mu. Bí a bá fẹ́ adùn aáyù àti atalẹ̀, a ó lọ̀ wọ́n, a ó sì fún omi wọn nìkan sára ẹja.

Ní ti yíyan, ooru ń ti ìsàlẹ̀ wá, ó sì ń gbẹ awọ. Èròjà tí a pò mọ́ epo ni ó yẹ ẹ́. Epo náà kò ní jẹ́ kí awọ lẹ̀ mọ́ irin, ó sì ń gbé adùn ata àti atalẹ̀ wọ inú ẹran. A máa ń fi ọ̀bẹ sín ẹ̀gbẹ́ ẹja ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin títí dé ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan egungun, kí èròjà àti ooru lè wọlé síbi tí ẹran ti nípọn.

Iyọ̀ ló wọlé jìn jù nínú gbogbo èròjà. Ata, tàìmù àti kọ́rì máa ń dúró sí ojú ẹran. Nítorí náà, kò sí èrè púpọ̀ nínú fífi ẹja tí a gé wẹ́wẹ́ sínú èròjà títí di ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú 30 ti tó fún ègé, wákàtí kan sì tó fún odindi. Bí yóò bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, inú fíríìjì ni ó yẹ kí ó wà. Níbi tí iná mànàmáná kò dúró ṣinṣin, ó sàn kí a dín ẹja lọ́jọ́ tí a fọ̀ ọ́ ju kí a fi í pamọ́ pẹ̀lú èròjà, nítorí èròjà yóò bo òórùn tí ìbá jẹ́ ìkìlọ̀.

## Àpẹẹrẹ: àrọ̀ oníkílò kan fún yíyan

Kí a mú àrọ̀ kan tí ó wọn kílò kan láàyè, èyí tí a fẹ́ yan lódindi gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n ń ta ẹja pọ́íǹtì-áńdì-kíìlì ṣe máa ń ṣe é. Ẹlẹ́ja yóò lù ú lórí kí ó lè kú kíákíá. Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì ni a ó fi yọ oje rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn títú ikùn, yíyọ ohun tí ó fi ń mí àti híha ẹ̀jẹ̀ egungun ẹ̀yìn, yóò kù díẹ̀ kí ó tó kílò kan. A ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i nínú àti lóde fún ìṣẹ́jú 10, a ó ṣàn án, a ó sì tẹ̀ ẹ́ gbẹ.

Òwe Yorùbá tí ó sọ pé tútù ni a ń ká ẹja bá ìpele tí ó kàn mu. Nígbà tí ẹran ṣì rọ̀ ni a ó ká ìrù wá sí ẹnu, tí a ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un dúró. Ẹja tí a ká máa ń gba àyè díẹ̀ lórí iná, ó sì rọrùn láti yí padà láìṣẹ́.

Fún èròjà, a ó lọ̀ atalẹ̀ tí ó tó àtàǹpàkò, aáyù hóró mẹ́ta, ààbọ̀ àlùbọ́sà àti ata rodo méjì pọ̀. A ó fi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta òróró, ṣíbí kékeré méjì iyọ̀ àti ṣíbí kékeré kan tàìmù sí i. Bí a ó bá lo èròjà onígun tí a fi ń mú ọbẹ̀ dùn, a ó dín iyọ̀ kù sí ṣíbí kékeré kan, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú èròjà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àpòpọ̀ yìí ni a ó fi pa inú ikùn, inú orí àti ojú ibi tí a sín. Èyí tí ó kù ni a ó máa fi kun ẹja lórí iná. A gbọ́dọ̀ bù ú sọ́tọ̀ kí ọwọ́ tí ó kan ẹja tútù tó kàn án.

Ẹyín iná ti ṣetán nígbà tí eérú funfun bá bò ó, tí ọwọ́ iná kò sì yọ mọ́. A ó fi òróró pa irin, a ó gbé ẹja lé e, a kò sì ní ṣí i nípò títí awọ yóò fi fi irin sílẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ó máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. A ó yí i padà, a ó kùn ún, a ó sì fún ẹ̀gbẹ́ kejì ní iye ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ̀yìn orí ni ẹran ti nípọn jù, níbẹ̀ ni a ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹran ibẹ̀ bá funfun tán, tí kò dán mọ́, tí ó sì ń fi egungun sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ti jinná. Bí ó bá ṣì di egungun mú pẹ̀lú àwọ̀ pupa, ó nílò ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.

Bí ẹja kan náà bá jẹ́ ti dídín, a ó gé e sí ègé tí ó nípọn tó ìka ọwọ́ méjì. Ṣíbí kékeré méjì iyọ̀, kan ata gígún àti ààbọ̀ ṣíbí kọ́rì tó fún un. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, iyọ̀ yóò ti fa omi díẹ̀ jáde lára ẹran. A ó tún nu omi yìí kúrò kí a tó dín in, nítorí èyí ni ó máa ń jẹ́ kí ẹja tí a ti kọ́kọ́ gbẹ dáadáa tún lẹ̀ mọ́ páànù.

## Mímọ ibi tí àṣìṣe ti wá

Bí òórùn bá ṣì wà lẹ́yìn tí ẹja ti jinná, ibi tí ó ti ń jáde yóò sọ ohun tí ó fà á. Bí orí nìkan ni ó ń rùn, ohun tí ẹja fi ń mí ni a kò yọ tán. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bá egungun ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ló kù síbẹ̀. Bí gbogbo ẹran bá ní òórùn ilẹ̀, pàápàá níbi tí ọ̀rá wà, inú adágún ni ó ti wá, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó fọ̀ ọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ẹni tí ó ra ẹja bi ẹlẹ́ja léèrè bóyá a fi ẹja rẹ̀ sínú omi mímọ́ kí ó tó dé ọjà, tàbí kí ó ra ti ẹlòmíràn nígbà mìíràn.